Irin ìwọ̀n ní pámẹ̀ náà péye, bíárìn ní kò péye: ẹ sọ ìrírí tiyín

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń tọ́jú ohun ìwọ̀n ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi túrù gé irin ní Àjàṣẹ́ níbí. Ọ̀gá kan tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Kétu gbé pámẹ̀ rẹ̀ wá bá mi, ohun tí a fi ń wọ̀n bí irin ti nípọn tó, èyí tó ń wọ̀n láti òdo dé mílímítà 25. Ó ti gé ọ̀pá fún bíárìn 6204 ti ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo. Pámẹ̀ ka 20.006, iye tó yẹ kó jẹ́ gan-an. Síbẹ̀ bíárìn náà le gan-an kó tó wọlé, nígbà tí wọ́n sì tan ẹ̀rọ, ó gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á. Ó ní kí n bá òun wò ó bóyá pámẹ̀ náà ṣì ṣeé lò.

Mo nu ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́, mo gbé òun àti irin ìwọ̀n, àwọn irin pẹlẹbẹ tí a mọ iye wọn gan-an, sórí tábìlì irin kan náà mọ́jú, kí ooru ara wọn lè dọ́gba. Nígbà tí mo pa á dé, ó bọ́ sí òdo gẹ́lẹ́. Irin 5.1 ka 5.101, irin 10.3 ka 10.301, irin 15 ka 15.002, irin 20.2 ka 20.202, irin 25 sì ka 25.002. Àṣìṣe tí èmi ń gbà fún pámẹ̀ tó tó báyìí kò ju míkírọ̀n 4 lọ, ìyẹn ìdá 4 nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan. Èyí kò kọjá 2. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, mo ti dá a padà fún un pé kó máa lò ó.

Ohun tí kò jẹ́ kí n dúró ni bíárìn tó gbóná yẹn. Mo tú bíárìn àtijọ́ kan, mo yọ ọmọ irin róbótó kan nínú rẹ̀, mo sì wọ̀n ọmọ kan ṣoṣo yìí níbi márùn-ún lójú pámẹ̀. Ní etí òkè ó ka 7.938, ní etí ìsàlẹ̀ 7.937. Ní àárín ó ka 7.929. Ní etí ọ̀tún àti etí òsì, 7.930. Ọmọ irin náà kò tóbi sí i, kò sì kéré sí i. Ojú pámẹ̀ ló ti jẹ: kòtò tín-ínrín kan là á kọjá láti ọ̀tún dé òsì.

Irin ìwọ̀n fẹ̀ ju ojú pámẹ̀ lọ, ó gun etí kòtò náà bí afárá, kò lè mọ̀ pé ohunkóhun wà lábẹ́. Òdo náà kò lè mọ̀, nítorí etí ló ń kan etí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí à ń gé máa ń sùn sínú kòtò yẹn gan-an, pámẹ̀ á sì kà á kéré. 20.006 tí ọ̀gá Kétu rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 20.015.

Ta ló ti rí irú rẹ̀ rí? Kí lẹ ṣe sí i?

Ayọ́rinṢábẹ

Ẹ̀gbọ́n, irú èyí ti ṣe mí rí. Tèmi ń ka ohun kan ní òwúrọ̀, ó ń ka ohun mìíràn tí oòrùn bá mú. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó dà bíi pé ooru ló bá ti Kétu náà jà.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Àbúrò, ọ̀ràn tìrẹ yàtọ̀. Irin tó gùn ní mílímítà 25, bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 10 ju ti ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n lọ, míkírọ̀n 3 péré ni yóò fi gùn sí i. Bóyá ṣe lo ń di ọrùn pámẹ̀ náà mú lọ́wọ́ pẹ́, tí ọ̀pá sì wà nínú oòrùn. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi pámẹ̀, ó lè jẹ́ pé èyí tó dára lo pààrọ̀. Ooru kò sì lè mú kí ọmọ irin kan náà ka 7.938 létí, kó ka 7.929 láàárín, láàárín ìṣẹ́jú kan náà.

Bàbá Dẹ̀bọ̀

Ẹ̀yin ọmọ yìí ń fi nǹkan le ara yín. Pámẹ̀ tó bá ń ka kéré, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kékeré yí òdo rẹ̀, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá Oníwọ̀n

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yín bó bá jẹ́ pé iye kan náà ló fi ń dín níbi gbogbo. Bí òdo bá dín míkírọ̀n 5, tí irin 5.1 àti 25 náà dín 5, kọ́kọ́rọ́ yẹn ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Kétu yìí, òdo rẹ̀ dára. Bí ẹ bá yí i kí ọ̀pá lè ka déédéé, gbogbo irin pẹlẹbẹ ni yóò máa fi míkírọ̀n 9 kà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́, ìwọ náà, ó dára tí o lo irin 5.1 àti 10.3. Àwọn kan máa ń lo 5, 10, 15, 20. Ìdajì mílímítà ni síkúrù pámẹ̀ ń rìn ní yíyí kan, nítorí náà gbogbo iye tó pé bẹ́ẹ̀ ń bá a ní ojú kan náà lórí yíyí rẹ̀. Síkúrù tó bá ń ṣe ségesège láàárín yíyí kan yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwọ fo 12.9, òun ni ì bá dúró níbi tí ìwọ kò dé lórí yíyí náà. Padà lọ wọ̀n ọ́n.

Lórí ìdájọ́: ọ̀pá 6204 tí wọ́n bá ń gé sí k6, ìyẹn àyè ìwọ̀n tó ń jẹ́ kí ọ̀pá fún mọ́ bíárìn díẹ̀, gbọ́dọ̀ wà láàárín 20.002 sí 20.015. Àyè míkírọ̀n 13 nìyẹn. Pámẹ̀ tí kòtò rẹ̀ gba 9 nínú 13 kò ní nǹkan tó lè sọ fún ọ nípa ọ̀pá yẹn mọ́. Ihò bíárìn náà lè fi míkírọ̀n 10 kéré ju mílímítà 20 lọ. Nítorí náà ọ̀pá 20.015 lè fi míkírọ̀n 25 tóbi ju ihò náà lọ, àyè tí ọmọ irin fi ń yí nínú bíárìn náà á sì tán. Ó lè jẹ́ ìdí tó fi gbóná nìyẹn. Má jẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀pá.

Ọ̀gá Kétu

Ẹ ṣé gan-an. Ọjà àtijọ́ ni mo ti rà á, n kò mọ ohun tí ẹni tó ní i tẹ́lẹ̀ fi ṣe.

Ìyá Oníwọ̀n

Ó jọ pé ṣe ló ń wọ̀n ọ̀pá nígbà tí túrù ṣì ń yí. Ojú irin lásán ni tìẹ ní, àbí ojú kábáàdì?

Ọ̀gá Kétu

Irin lásán ni, Ìyá. Mo ti gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run lẹ́yìn tí mo pa á dé, mo sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ là á kọjá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ nù. Mò ń wọ̀n páálí irin, àwọn pẹlẹbẹ tó fẹ̀ dáadáa. Ṣé kò lè ṣe ìyẹn?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ó lè ṣe é, nítorí páálí gùn lé etí kòtò bí irin ìwọ̀n ti ṣe. Ohun tí èmi fẹ́ kọ sí ara rẹ̀ nìyẹn: páálí nìkan. Mo rò pé ó tó.

Ìyá Oníwọ̀n

Kò tó. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń wá pámẹ̀ lóru kì í ka àmì. Àwọn kan máa ń fi yanrìn mú ojú rẹ̀ tẹ́ padà, ṣùgbọ́n láìsí gíláàsì tí a fi ń wo bó ṣe tẹ́ tó, ojú méjèèjì lè má kọjú sí ara wọn mọ́, ìyẹn sì burú ju kòtò lọ. Tèmi ni pé kó kúrò ní ilé iṣẹ́ pátápátá.

Bàbá Dẹ̀bọ̀

Ó ṣe mí láàánú. Pámẹ̀ dáadáa ni.

Ọ̀gá Kétu

Mo ti fi ọ̀dà pupa kun ọrùn rẹ̀, mo tì í mọ́ inú àpótí tí páálí wà. Ọ̀rọ̀ Ìyá ṣì wà lọ́kàn mi. Bí mo bá rí òmíràn rà, màá yọ ọmọ irin róbótó dání lọ sí ọjà, kí n tó sanwó.