Mo fagi lé àsansílẹ̀ láàárín oṣù: kí ló dé tí owó ọjọ́ tó kù kò padà?

Adébísí: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Áàpù kan wà tí mo ń sanwó fún lóṣooṣù. Ọjọ́ 3 oṣù ni wọ́n máa ń yọ owó lórí káàdì mi. Lọ́jọ́ 14 mo tẹ Cancel, wọ́n sì ní àwọn ti fagi lé e, àmọ́ owó kankan ò padà wọlé. Ọjọ́ 11 péré ni mo lò. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má gbà fún wọn! Òfin fún oníbàárà ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà.

Baba Ìṣirò: Àǹtí Adébísí, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ewé àsansílẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ pé Renews on ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá di Expires on pẹ̀lú ọjọ́ 2 oṣù tó ń bọ̀, a jẹ́ pé wọn ò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ohun tí bọ́tìnnì yẹn ń ṣe kò ju pé kí wọ́n má yọ owó mìíràn lọ́jọ́ 3. Oṣù tẹ́ ẹ ti san ṣì jẹ́ tiyín. Lórí Stripe, tí ọ̀pọ̀ olùtajà fi ń gbowó, ohun tí wọ́n sábà máa ń yàn nìyí:

```
cancel_at_period_end=true
```

Bí olùtajà bá tiẹ̀ yàn pé kó parí lójú ẹsẹ̀, owó kì í fúnra rẹ̀ padà. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ jókòó kó dá a padà. Ó sì nídìí tí kì í fi í yá wọn lára: owó iṣẹ́ tí Stripe yọ nígbà tẹ́ ẹ sanwó kì í padà sọ́wọ́ olùtajà tó bá dá owó yín padà. Yàtọ̀ síyẹn, bí wọ́n bá ń ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, èèyàn á wọlé, á kó gbogbo ohun tó fẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, á sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ padà.

Ìyá Ìbejì, ọjọ́ 14 yẹn wà lóòótọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọnú àdéhùn ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ owó oṣù. Tó bá sì jẹ́ fíìmù tàbí ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá ti gbà kí wọ́n ṣí i fún yín lójú ẹsẹ̀, tẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i pé ẹ̀tọ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ yín, ó parí nìyẹn.

Káyọ̀dé: Èmi san ti ọdún kan, mo lo oṣù 5. Ṣé ẹ ń sọ pé oṣù 7 tó kù wọgbó?

Baba Ìṣirò: Ká ní 12 ni owó oṣù kan, tí ti ọdún sì jẹ́ 96. Ìwọ á rò pé 8 loṣù kan, kí wọ́n wá fún ẹ ní 56. Olùtajà á ní torí pé o máa pé ọdún lòun ṣe gé owó náà, pé oṣù 5 ní iye tòótọ́ jẹ́ 60, pé 36 péré ló kù. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn ò ní dá nǹkan kan padà. Wo àdéhùn tìrẹ kó o tó kọ ímeèlì.

Ọmọ Ọlọ́jà: Kí ló ń gba gbogbo àlàyé yìí? Ẹ pe báńkì kí wọ́n gbowó yẹn padà. Èmi ò tiẹ̀ fagi lé nǹkan kan rí, mo kàn máa ń yọ áàpù kúrò lórí fóònù.

Baba Ìṣirò: Yíyọ áàpù kúrò kì í dá owó dúró o, wọ́n ṣì ń yọ tìẹ! Lórí Android, Google Play, lẹ́yìn náà Payments & subscriptions, lo ti máa fagi lé e. Ní ti báńkì, ẹjọ́ yín á lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tí wọ́n bá yọ owó mìíràn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fagi lé e. Ẹ tọ́jú ímeèlì tí wọ́n fi jẹ́rìí sí i. Tó bá jẹ́ ti ọjọ́ tó kù nínú oṣù, olùtajà á fi àdéhùn han báńkì, ó sì lè ti àkáǹtì yín pa.

Ìyá Ìbejì: Síbẹ̀, mi ò gbà pé ó tọ́. Ohun téèyàn ò lò, kò yẹ kó sanwó ẹ̀.

Adébísí: Mo ti wò ó: Expires on, ọjọ́ 2. Ó sì ṣì ń ṣí. Àmọ́ ọjọ́ 4 ni áàpù náà fi dákú nínú oṣù yìí, ìyẹn ńkọ́?

Baba Ìṣirò: Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí fífagi lé. Ẹ kọ àwọn ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú àwòrán ohun tó hàn lójú fóònù. Àwọn kan máa ń dá owó rẹ̀ padà, àwọn mìíràn á fi ọjọ́ kún un, àwọn kan ò ní dáhùn rárá.