Báwo ni mo ṣe lè ní kí àwọn òǹkàwé fi àlàyé mi pamọ́ láìdà bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ àlàyé kan sórí Fesibúùkù nípa bí a ṣe ń yọ yíǹkì bíró lára aṣọ funfun, ìparí rẹ̀ ló wá kù. Mi ò fẹ́ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ láíkì, ẹ pín in, ẹ sọ̀rọ̀ sí i." Ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sọ ohun tí òǹkàwé máa rí gbà. Láti 2017 ni Fesibúùkù sì ti kéde pé àwọn máa dín bí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń hàn sáwọn èèyàn kù.

Èyí tí mo ń rò ni: "Ẹ fi pamọ́ de ọjọ́ tí bíró bá jò sápò yín." Ó kéré tán, ó sọ ìgbà tó máa wúlò. Bí mo ṣe máa ní kí wọ́n dáhùn ló le. "Kí lẹ rò?" ti fẹ̀ jù. Mo fẹ́ràn "Àbàwọ́n wo ló kọ̀ tí kò lọ lára aṣọ yín?" torí ọ̀rọ̀ kan péré tó láti dáhùn rẹ̀.

Ṣé kí n mú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, àbí wọ́n lè jọ wà? Ṣé kí n sì gbé e kúrò ní ìparí lọ sókè, nítorí àwọn tí kì í kà á dópin?