Mo fi gáàsì sí ọkọ̀ mi, mo sì sọ fún éjẹ́ǹtì: ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ

Ìyá Tómi, Ọbáńtokò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ṣì ń dùn mí. Olùkọ́ ni mí, ọkọ̀ Kòrólà mi ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún tó kọjá ni mo ra ìnṣọ́ránsì kọ́ńpíríhẹ́ńsífù. Mílíọ̀nù 6 náírà ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ọkọ̀ náà tó, mo sì san 300,000.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, owó epo ti fẹ́ bò mí mọ́lẹ̀, mo bá ní kí wọ́n bá mi ṣe ọkọ̀ náà kó lè máa lo gáàsì. Mílíọ̀nù 1 ni gbogbo rẹ̀ jẹ, àti sílíńdà inú búùtù, àti páìpù, àtohun tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnnì níwájú. Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ya fọ́tò sílíńdà náà ránṣẹ́ sí éjẹ́ǹtì tó ta ìnṣọ́ránsì fún mi. Ó dá mi lóhùn pé, “Mo ti rí i, mà, ẹ fọkàn balẹ̀.” Ọkàn mi sì balẹ̀ lóòótọ́.

Oṣù kẹwàá ni jíìpù kan gbá mi lẹ́yìn nínú gosiló ní Lafẹ́ńwá. Búùtù wọnú, sílíńdà yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n dè é mọ́, ẹnu rẹ̀ tẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí tí gáàsì kò fi jò. Ẹni tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán wá wo ọkọ̀ ṣí búùtù, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Màdámú, ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù nìkan la kọ síbí o.” Àṣé éjẹ́ǹtì kò gbé ọ̀rọ̀ mi dé ọ́fíìsì rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi dá fáìlì mi dúró. Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ tó wà lórí fóònù hàn wọ́n, wọ́n san owó búùtù àti bọ́ńpà, ṣùgbọ́n wọn kò san kọ́bọ̀ lórí sílíńdà. Àwọn tó ṣe gáàsì sì ní sílíńdà tó ti jẹ irú ìgbá yẹn, àwọn kò lè dá a padà sínú ọkọ̀. 480,000 ni mo fi ra òmíràn. Ẹ̀tọ́ mi kọ́ ni wọ́n jẹ yìí?

Dáfídì, Àsẹ̀rò

Ẹ̀tọ́ yín ni, mà. Ẹni tó bá sọ fún éjẹ́ǹtì ti sọ fún ilé iṣẹ́. Bí wọ́n bá san ti búùtù nítorí ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn, kí ló dé tí wọn kò san ti sílíńdà? Ẹ padà lọ bá wọn.

Ìyá Ìbejì, Ìdí-Àbà

Èmi náà ti kó sí irú rẹ̀. Nígbà tí mo kó kúrò ní Àdìgbẹ̀, mo lọ yí àdírẹ́sì ọkọ̀ padà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé ọkọ̀, mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kò gbọ́ nǹkan kan. Ilé àtijọ́ ni lẹ́tà pé ọdún ti pé ń lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wa ọkọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì. Ẹ lọ yí àdírẹ́sì yín padà, Ìyá Tómi.

Ìyá Tómi

Ẹ ṣé, mà, ṣùgbọ́n èmi kò kó kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ sílíńdà ni mo ń bi yín.

Bàbá Ìbarà

Ìyá Tómi, ẹ kú ewu ọkọ̀. Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kí n tó fẹ̀yìn tì. Dáfídì sọ ìdajì òótọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá fi tó éjẹ́ǹtì ilé iṣẹ́ létí nídìí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ẹ ti fi tó ilé iṣẹ́ létí. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè sọ pé ẹ fi gáàsì pamọ́ fún àwọn, tí wọ́n sì san ti búùtù. Ká ní búrókà ni, ọ̀rọ̀ ìbá le jù báyìí lọ, nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ fún búrókà ló ń ṣojú fún, kì í ṣe ilé iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n pé wọ́n mọ̀ pé sílíńdà wà, ìyẹn kò ní kí sílíńdà wà nínú ìnṣọ́ránsì. Mílíọ̀nù 6 lẹ sanwó lé lórí, ọkọ̀ náà bó ṣe wà lóṣù kìíní ni. Mílíọ̀nù 1 tẹ́ ẹ fi kún un, ẹnikẹ́ni kò gba owó lórí rẹ̀. Òfin wa sì le níbẹ̀: bí owó kò bá tíì wọlé, ìnṣọ́ránsì kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni bí owó náà ṣe kéré tó. Láti 2023 ni àjọ NAICOM ti ní kí kọ́ńpíríhẹ́ńsífù má ṣe dín sí náírà 5 nínú 100, iye tẹ́ ẹ san náà nìyẹn. Lórí mílíọ̀nù 1, 50,000 ni fún odidi ọdún. Ká ní wọ́n ti kọ ọ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 146 ló kù kí oṣù kejìlá parí. Ẹ pín 50,000 sọ́nà 365, kẹ́ ẹ mú ti ọjọ́ 146. 20,000 géérégé ni. Ẹ̀ bá san án, kí wọ́n wá fún yín ní ìwé tí àwa ń pè ní ẹndọ́ọ̀sìmẹ́ǹtì.

Ìwé yẹn lẹ fi máa mọ̀. Ọ́fíìsì ló ń kọ ọ́, kì í ṣe éjẹ́ǹtì. Nọ́ńbà ìnṣọ́ránsì yín máa wà níbẹ̀, wọ́n á kọ pé ọkọ̀ ti ń lo gáàsì, pé iye rẹ̀ ti di mílíọ̀nù 7, wọ́n á sì kọ ọjọ́ tí àyípadà náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa, nítorí kì í padà sẹ́yìn láti gba ìjàǹbá tó ti ṣẹlẹ̀.

Kúnlé, Pànṣẹ́kẹ́

Bàbá, ẹ bá mi dá sí tèmi. Àbúrò mi ti ń wa ọkọ̀ mi báyìí, mi ò sì fi orúkọ rẹ̀ kún ìwé. Éjẹ́ǹtì ní kò pọn dandan.

Bàbá Ìbarà

Lórí ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ aládàáni níhìn-ín, òótọ́ ló sọ. Bí ẹ bá yọ̀ǹda fún un, tó sì ní láísẹ́ńsì tí kò tíì kú, ó ti wọlé. Àwọn ìwé kan wà tó dárúkọ àwọn tó lè wakọ̀, nítorí náà ẹ ka tiyín. Kí ló ń fi ọkọ̀ náà ṣe?

Kúnlé

Ó ń fi gbé èrò láti Kútọ̀ lọ sí Ṣàgámù, ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan.

Bàbá Ìbarà

Ọ̀ràn nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Lọ́jọ́ tó bá gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò, kì í ṣe ọkọ̀ aládàáni mọ́. Bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà, wọ́n lè kọ̀ láti san. Ẹ ní kó dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi yí irú ìnṣọ́ránsì náà padà.

Ìyá Tómi, ó ku ọ̀nà kan. Jíìpù ló gbá yín lẹ́yìn. Ìnṣọ́ránsì tádìpátì tirẹ̀ ló yẹ kó san sílíńdà, ó sì ní àyè tó mílíọ̀nù 3 fún ohun tí ọkọ̀ aládàáni bá bà jẹ́. Sílíńdà nìkan lẹ máa bèèrè, nítorí wọ́n ti sanwó búùtù fún yín. Ṣé ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀?

Ìyá Tómi

Ó wà nínú fọ́tò tí mo yà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí askniid.org báyìí. Ó ní ìnṣọ́ránsì, bàbá, ṣùgbọ́n oṣù kejì ọdún yìí ló bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹwàá ló sì gbá mi.

Dáfídì, Àsẹ̀rò

Ó lè jẹ́ pé ńṣe ló tún èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ṣe.

Bàbá Ìbarà

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò ní rárá lọ́jọ́ yẹn. Ìwé ọlọ́pàá lẹ máa kọ́kọ́ wò, bóyá wọ́n kọ nọ́ńbà ìnṣọ́ránsì rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá ní, ọwọ́ ẹni tó ni jíìpù lẹ ti máa bèèrè.

Ìyá Tómi

Mi ò gba ìwé kankan ní tèṣàn lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn ni. Mò ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì náà fúnra wọn nípa sílíńdà tuntun yìí, mo ní iye tí màá san ni kí wọ́n sọ.