Oṣù mẹ́rin rèé tí imú mi ò gbóòórùn mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Olóúnjẹ (Iléṣà): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà ni mo ti ń ta oúnjẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo da odindi ìkòkò ẹ̀gúsí nù. Ó ti kan, èmi ò mọ̀. Oníbàárà kan ló gbé abọ́ padà, ó ní, "Màmá, ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò." Mo gbé e símú, bí omi ni. Gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní mi ò kọbi ara sí iṣẹ́ mọ́. Ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí kì í tẹ ẹ̀bà kó má ní kókó, òun náà ń sọ̀rọ̀ mi kiri! Ọ̀fìnkìn líle kan ló dá mi gbálẹ̀, ó lọ, òórùn ò bá mi padà bọ̀. Ẹnìkan ní kí n máa fi nǹkan olóòórùn kọ́ imú mi. Mo ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ṣiṣẹ́. Rọ́ọ̀bù nìkan ni mo ń gbọ́.

Bàbá Táyọ̀: Ìyá, omi gbígbóná àti ewé dóńgóyárò. Ẹ fi aṣọ borí, kí ẹ fa ooru rẹ̀. Nígbà kòrónà ní 2020, ohun tí mo ṣe nìyẹn, ọjọ́ mẹ́wàá ni imú mi fi là.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì (Ifẹ̀): Bàbá Táyọ̀, ọ̀pọ̀ tí kò fa ooru kankan ni tiwọn padà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ooru lè tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò lè tún iṣan òórùn ṣe. Ìyá, ẹ mú rọ́ọ̀bù kúrò. Títutù tó ń ta nímú yẹn, iṣan mìíràn ló ń gbé e lọ sọ́pọlọ. Ẹni tí ò gbóòórùn kankan á ṣì mọ̀ ọ́n. Kí lẹ tún ń lò, báwo lẹ sì ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Òkè Ẹ̀ṣọ̀: Tèmi kì í ṣe pé mi ò gbọ́ o. Kọfí ń rùn sí mi bíi táyà tó ń jó! Àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín náà ńkọ́, ó ń lé mi kúrò nílé ìdáná. Ṣé wọ́n ṣe mí ni?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Kò sẹ́ni tó ṣe ọ́. Iṣan tó ń hù padà ló máa ń ṣi òórùn gbé báyẹn, ó sì sábà máa ń jẹ́ àmì pé nǹkan ń bọ̀. Fi kọfí sílẹ̀ ná.

Ìyá Olóúnjẹ: Mi ò ráyè ìdánrawò ńlá. Mo máa ń gbé ìrù, àlùbọ́sà, ísáàlì àti rọ́ọ̀bù símú bí mo bá ń lọ sọ́jà.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Ísáàlì kẹ̀? Ẹ fẹ́ bó imú ni? Ẹ gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Hummel àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden, ní Jámánì, ló gbé èyí jáde ní 2009. Òórùn mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì tó nǹkan. Ẹ wá ìgò kéékèèké mẹ́rin tó ní ìdérí. Ẹ fi kànáfùrù tí ẹ fọ́ díẹ̀ sí ọ̀kan, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tútù sí ìkejì, efinrin tí ẹ rún sí ìkẹta, ewé tíì sí ìkẹrin. Ẹ jókòó láàárọ̀ kí ẹ tó jáde, àti lálẹ́. Ẹ máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ bí ajá ṣe ń fimú finlẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tó gbé èyí tó kàn. Bí ẹ bá di efinrin mú, ẹ rántí ọbẹ̀ ata tí ìyá yín ń sè. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan nínú ilé máa gbóòórùn ìgò náà wò ní ọjọ́ méjì-méjì, torí ewé á gbẹ, òórùn á lọ, ẹ ò sì ní mọ̀.

Bàbá Táyọ̀: Dóńgóyárò náà dáa ṣá.

Ìyá Olóúnjẹ: Mo gbọ́. Ohun kan ló ń yà mí lẹ́nu ṣá. Lóṣù tó kọjá, oníkẹ́mísì fún mi ní pirẹdínísólónì nítorí ara tó ń yún mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbóòórùn gbogbo nǹkan, títí kan ẹ̀wà tó ń jó nílé kejì. Bí oògùn tán, ó tún dí. Ihò ọ̀tún ti ń dí láti ṣáájú ọ̀fìnkìn yẹn.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Háà! Èyí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ẹ̀bà ìyàwó àbúrò ọkọ. Iṣan tí ọ̀fìnkìn bà jẹ́ kì í sábà ṣí fún ọjọ́ mẹ́ta kó tún pa dé. Ó jọ pé ohun kan ló dí ọ̀nà òórùn, bóyá wíwú, bóyá ẹran rírọ̀ tó hù nínú imú. Mi ò lè rí inú imú yín láti ibí. Bí ọ̀nà bá dí, ìgò mẹ́rin ò ní ṣe é. Ẹ má ra pirẹdínísólónì yẹn mọ́. Ẹ lọ sí Wésílì Gíldì níbẹ̀, kí dókítà imú fi iná wo inú rẹ̀. Ẹ sọ fún un nípa ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì sọ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde.

Ọmọ Òkè Ẹ̀ṣọ̀: Tèmi ńkọ́, ṣé kí n máa ṣe ìgò ni?

Ìyá Olóúnjẹ: Ẹ̀jẹ̀ ti yọ lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé ọyẹ́ ni. Màá lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa bá mi jókòó ti ìsọ̀? Àbíkẹ́yìn mi ti ń gbóòórùn ọbẹ̀ kí n tó gbé e jáde, ó ní tàná dáa.