Iye wo ni kí n fi lé adìrẹ yìí lórí Etsy?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Amẹ́ríkà ni mo wà, adìrẹ Ìtòkú ni mo ń tà. ₦24,000 ni mo ń ra ọ̀kan. Bí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, ó di $16. Owó ẹrù láti Abẹ́òkúta jẹ́ $6, ìfiránṣẹ́ sí oníbàárà $7, owó pọ́ọ́kú tí Etsy ń gbà $0.45. Mo fẹ́ jèrè $10, àròpọ̀ wá jẹ́ $39.45.

Etsy tún ń gé 6.5% àti 3% nínú gbogbo ohun tí oníbàárà san, títí kan owó ìfiránṣẹ́. N kò lè kàn fi 9.5% kún $39.45, torí orí iye tuntun ni wọ́n ti máa gé e. Mo fi 0.905 pín in, ó di $43.59.

Ìpolówó tí Etsy ń ṣe níta ló ń kọ mí lóminú. Bí oníbàárà bá gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n á gé 15% sí i, èrè mi á ku $3.46. Bí náírà bá wá lágbára dé ₦1,350 kí n tó ra òmíràn, kò ní ju $1.68 lọ.

Bí mo bá ka ìpolówó mọ́ ọn, $52.25 ni, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó ti wọ́n jù. Ìtajà mi kò tíì tó $10,000 lọ́dún, mo lè pa ìpolówó náà, àmọ́ ó ń mú oníbàárà tuntun wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tajà báyìí, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ ń ṣe?