Rìpọ́ọ̀tù jàǹbá níbi iṣẹ́: ta ló gbé báríà yẹn kúrò?

Ọmọ Kábà (Líìdì): Ọ̀kun o ẹ̀yin ará ilé. Fọ́kílífù gbá ọmọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí wa, ẹsẹ̀ ẹ̀ kán, èmi ni mo wà nítòsí, ni wọ́n bá ní kí n kọ ohun tí mo rí. Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, bó ṣe lọ rèé tá a bá fi èdè wa sọ ọ́: "Wọ́n ti gbé báríà kúrò. Wọn ò fun fèrè. Wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀." Ọ̀gá tó ń mójú tó sééfútì dá a padà, ó ní òun ò rí èèyàn kankan nínú ẹ̀. Kí ló fẹ́ gan-an?

Àǹtí Ìsánlú: Kọ orúkọ dráífà síbẹ̀ kíá! Níbi tá a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n ní ká má kọ irú gbólóhùn yẹn rárá.

Bọ̀dá Mọ́pà: Àǹtí mi, ẹ gbà á díẹ̀, "rárá" yẹn ló pọ̀ jù. Àbúrò, wo báríà yẹn ná. Òyìnbó máa ń jẹ́ kí báríà ṣíwájú gbólóhùn, kí ẹni tó gbé e pòórá, àwa náà á wá fi "wọ́n" bò ó. Ta ni "wọ́n"? Tó bá jẹ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni wọn ò dá a padà, bí wọ́n ṣe ń fa iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ la máa tún ṣe. Tó bá jẹ́ súpáfáísọ̀ ló ní kí wọ́n gbé e kí ẹrù lè yá, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé ọmọ tó fara pa ló sún un kó lè gba ẹ̀bùrú ńkọ́? Nílé, tí ọ̀kadà bá gbá èèyàn lọ́nà Kábà, ohun tá a kọ́kọ́ ń béèrè ni pé ta ló gùn ún.

Ìyá Ẹ̀gbẹ́: Ṣé ìnṣọ́ránsì á sanwó fún un ṣá? Wọ́n gbá mọ́tò èmi náà ní páàkì, n ò sí níbẹ̀, títí dòní mi ò mọ ẹni tó gbá a.

Bọ̀dá Mọ́pà: Màmá, ti owó yẹn ò sí lọ́wọ́ mi, àmọ́ ibi tí "wọ́n" ti dáa gan-an lẹ sọ yẹn, torí ẹ ò mọ ẹni náà lóòótọ́. Bákan náà ni "wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù", ẹni tó wa áńbúláǹsì ò kan jàǹbá. Ọmọ Kábà, tó bá jẹ́ bó o ṣe rí i nìyí, tún un kọ báyìí: "Nígbà tí mo dé ní aago méjì, báríà ò sí níbẹ̀, mi ò rí ẹni tó gbé e. Dráífà ń fi ẹ̀yìn wakọ̀ bọ̀. Mi ò gbọ́ fèrè. Ẹ̀yìn fọ́kílífù gbá a lẹ́sẹ̀ òsì." Wò ó, "mi ò gbọ́", kì í ṣe "kò fun ún". Iṣẹ́ onítọ̀hún ni kó o kọ, orúkọ ò pọn dandan, àyàfi tí fọ́ọ̀mù bá bèèrè.

Ọmọ Kábà (Líìdì): Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ mo gbọ́ létí ara mi láàárọ̀ nígbà tí súpáfáísọ̀ ń sọ fún ẹnì kan pé kó gbé báríà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá Mọ́pà: Kọ ohun tó o gbọ́ àti aago tó o gbọ́ ọ, má sọ pé ìyẹn ló fà á.

Àǹtí Ìsánlú: Súpáfáísọ̀ yẹn náà kọ́ ló máa gba fọ́ọ̀mù ọ̀hún lọ́wọ́ ẹ̀?

Ọmọ Kábà (Líìdì): Òun ni o.