Ẹ wá sọ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ̀rọ̀ fídíò ìkówójọ tiyín

Ìyá Ìbejì: Ẹ ǹlẹ́ o. Atẹ́gùn ló ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n wá ní kí n kọ ohun tí wọ́n máa sọ nínú fídíò tá a fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ìjọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe kọ ọ́?

Akọ̀wé Ìjọ: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Òrùlé la ṣe tiwa náà. Gbólóhùn tá a fi ń béèrè owó ni mo kọ́kọ́ kọ, kí n tó kọ ìyókù. Mílíọ̀nù 5 ni gbogbo iṣẹ́, mílíọ̀nù 2 ti wà nílẹ̀, ó ku 3. Téèyàn bá kàn gbọ́ mílíọ̀nù 3, á ní àwọn olówó lọ̀rọ̀ kàn, nítorí náà páànù la fi ṣírò ẹ̀: ìdì kan ₦150,000, páànù 20 ló wà nínú ẹ̀, ẹyọ kan wá jẹ́ ₦7,500. Màmá kan tí òjò lé kúrò lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀ la ní kó sọ ọ́: "Ibi tí mò ń jókòó rèé, ẹ wò ó bó ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa ra páànù kan, ₦7,500, kí oṣù yìí tó parí." Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà àkáǹtì jáde, tòun ti orúkọ ìjọ, a kà á díẹ̀díẹ̀, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin, a sì fi í sílẹ̀ títí èèyàn fi lè dà á kọ. Ká tó gbé e jáde, a fi han ẹnì kan tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, a bi í pé èló là ń béèrè, ibo ló máa san án sí, ìgbà wo ló máa parí. Èyí tí ò bá lè sọ, ibẹ̀ la tún kọ.

Bọ̀dá Pẹ́kámù: Ó dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí Pásítọ̀ kọ́kọ́ ka 2 Kọ́ríńtì 9:7 kó sì gbàdúrà dáadáa. Kẹ́ ẹ sì kó gbogbo àkáǹtì síbẹ̀, náírà, pọ́n-ùn, dọ́là.

Akọ̀wé Ìjọ: Bọ̀dá mi, ẹsẹ yẹn dáa gan-an, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí òrùlé, torí kí àdúrà tó parí ọ̀pọ̀ á ti kọjá síbòmíì. Àkáǹtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà á da èèyàn rú. Ẹ̀dà méjì la ṣe, ìparí nìkan ló yàtọ̀: àkáǹtì náírà fáwọn tó wà nílé, ti pọ́n-ùn fáwọn ará Lọ́ńdọ̀nù.

Ìyá Ruka: Bọ̀húlù àdúgbò ni tiwa o. Fídíò yẹn dùn, àmọ́ àkáǹtì ẹnì kan ni wọ́n fi síbẹ̀, làwọn èèyàn bá ń béèrè pé ta ni, owó ò wọlé mọ́. Ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ tí wọ́n sì ń fi rìsíìtì páìpù hàn lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló tó padà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé ká wá dárúkọ àwọn tó ti dá owó nínú fídíò?

Bọ̀dá Pẹ́kámù: Ẹ dárúkọ wọn o, ó ń wú ẹlòmíì lórí!

Ìyá Ruka: Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ní ₦1,000 péré á tijú, kò sì ní fi ránṣẹ́ mọ́.